Òmùgọ́diméjì: Bí A Ṣe Ń Sọ Àwọn Èèyàn Tí Kò Sí Lórúkọ

Nínú Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje, ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde lọ́dún 1954, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Èdìdàrẹ́. Ìlú àwọn òmùgọ̀ ni. Ọba wọn ń jẹ́ Òmùgọ́diméjì. Ẹ dákun, ẹ pe orúkọ yẹn sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Ẹ̀yin náà ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì ka nǹkan kan nípa ọba ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ “òmùgọ̀” nìkan. Tí Fágúnwà bá pe ọba náà ní “Ọba Òmùgọ̀”, èébú lásán ni ì bá jẹ́. Ohun tó ṣe ni pé ó mú orúkọ gidi tí gbogbo wa mọ̀, Adédiméjì, ó yọ “Adé” kúrò níbẹ̀, ó fi “Òmùgọ̀” rọ́pò rẹ̀. Ìyókù orúkọ náà dúró bó ṣe wà. Ní ìlú tiwa, adé ló ń di méjì nílé ọba. Ní Èdìdàrẹ́, òmùgọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yí padà, ìlú kan odidi sì ti dá dúró níwájú wa pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ tún wo àmì orí rẹ̀. “Òmùgọ̀” ni a ń pè é tó bá dá wà, ohùn ìsàlẹ̀ ló parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú orúkọ ọba yìí, “gọ̀” ti di “gọ́”. Ohùn òkè yẹn ló ń sọ fún wa pé gbólóhùn ni orúkọ náà, pé òmùgọ̀ ni olùwà tó ń ṣe nǹkan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Àyàn” ṣe ń di “Àyán” nínú Àyándélé. Fágúnwà ò kàn lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Ó tẹ̀lé gírámà orúkọ Yorùbá dé orí àmì ohùn, ìdí sì nìyẹn tí etí wa fi gba orúkọ náà wọlé láìjanpata.

Mo ń kọ èyí fún àwa tá a ń kọ ìtàn fún àwọn ọmọ wa níbi tá a wà, ní Novara, ní Torino, ní Padova, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Húsítìn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fẹ́ dá ìlú àràmàǹdà sílẹ̀ nínú ìtàn, kí àwọn ọmọ lè rí ayé mìíràn tó jọ tiwa. Tó bá wá kan orúkọ, a ó kàn da lẹ́tà pọ̀ títí yóò fi dún bí nǹkan àjèjì, a ó wá fi àmì kékeré kan há a láàárín. Ọmọ á kà á, kò sì ní mọ ẹni tó wá láti ìlú wo. Ìlú mẹ́ta, orúkọ ọgbọ̀n, gbogbo wọn á jọ ara wọn bí ẹ̀wà inú ìkòkò. Ohun tí mo rí kọ́ lọ́dọ̀ Fágúnwà kò ju ẹyọ kan lọ: ìlú tí kò sí máa ń di ìlú gidi nígbà tí orúkọ àwọn ará ibẹ̀ bá ní òfin kan tí òǹkàwé lè fi etí ara rẹ̀ rí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Òfin tó ti wà nílé kí ìwé tó dé

Fágúnwà kò ní láti wá òfin yìí jìnnà. Bí a ṣe ń sọmọ lórúkọ nílẹ̀ Yorùbá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Iwájú orúkọ ni a fi ń mọ ilé. Tí o bá gbọ́ Àyàn níwájú, ìdílé onílù ni. Ọ̀jẹ̀ jẹ́ ti eléégún. Ọdẹ jẹ́ ti ọdẹ. Ifá, tàbí Fá lásán, jẹ́ ti babaláwo. Adé jẹ́ ti ọba. Ẹ̀yìn orúkọ lè jẹ́ ohunkóhun, ó lè wọlé, ó lè kúnlé, ó lè délé, ó lè dàpọ̀. Iwájú ni ìdánimọ̀. Àlejò tí kò tíì rí bàbá ọmọ rí lè gbọ́ orúkọ ọmọ kó sì mọ ohun tí wọ́n ń bọ nílé wọn.

Orúkọ Fágúnwà fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ. Òkè-Igbó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1903. Ifá ló wà níwájú orúkọ ìdílé rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ òun náà ni Orówọlé. Nígbà tó di onígbàgbọ́, Ọlọ́runfẹ́mi ló ń jẹ́, pẹ̀lú Daniel. Ẹ rí i pé ìgbésẹ̀ kan náà ni: Orò kúrò níwájú, Ọlọ́run bọ́ síbẹ̀. Ẹ̀sìn tuntun, iwájú orúkọ tuntun, ṣùgbọ́n gbólóhùn Yorùbá ṣì ni. Ẹni tó ti rí i lára orúkọ tirẹ̀ pé ìpààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gbé èèyàn láti agboolé kan sí òmíràn, kò ṣòro fún un láti fi irú ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀ dá ìlú òmùgọ̀ sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta, ìrísí orúkọ mẹ́ta

Ẹ padà sẹ́yìn sí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde lọ́dún 1938. Níbẹ̀, àwọn akọni tó ń lọ sí Òkè Lángbòdó kò jẹ́ orúkọ tí a ń sọ ọmọ lọ́jọ́ kẹjọ. Ẹ gbọ́ wọn: Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn. Olóhùn-iyọ̀. Ìmọ̀dòye. Àràmàǹdà Okùnrin. Orúkọ tí ìṣe èèyàn sọ ọ́ nìyí, irú èyí tí ẹgbẹ́ àti ọ̀rẹ́ fi ń pe ara wọn. Olóhùn-iyọ̀ ni akọrin tí ohùn rẹ̀ dùn bí iyọ̀ ṣe ń mú ọbẹ̀ dùn. Ìmọ̀dòye ni ọlọ́gbọ́n. O ò ní láti rántí ẹni tó jẹ́ kí ni, orúkọ kálukú ń sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé gbogbo orúkọ wọn ń yìn wọ́n. Bí a bá ti gbọ́ ọ, a mọ̀ pé akọni ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń rìnrìn àjò.

Àwọn ẹ̀dá inú igbó ò rí bẹ́ẹ̀. Àgbákò ló dojú ìjà kọ Àkàrà-ògùn. Ẹ̀gbin wà níbẹ̀. Nínú Igbó Olódùmarè, tó jáde lọ́dún 1949, Àǹjọ̀nú-ìbẹ̀rù wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe oríkì, wọn kì í sì í ṣe gbólóhùn. Ohun tí èèyàn ń gbàdúrà kó má bá pàdé ni Fágúnwà mú, tó sì fún un ní ẹsẹ̀ àti ojú. Gbogbo wa ti ṣàmín sí àdúrà pé ká má rí àgbákò. Nínú ìwé yìí, o rí i, ó ń mí, ó ń bá ọ jà.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ mẹ́ta wà lọ́wọ́ wa, ìrísí orúkọ mẹ́ta. Akọni ní orúkọ ìyìn. Ẹ̀dá igbó ní orúkọ ibi tí a sọ di ẹran ara. Ọba Èdìdàrẹ́ ní orúkọ gidi tí a yí iwájú rẹ̀ padà. Fágúnwà ò ṣàlàyé òfin yìí níbì kankan fún àwa tá a ń kà á, kò sì pọn dandan. Tí mo bá dá orúkọ kan sílẹ̀ nísinsìnyí, tí mo ní “Ìjàm̀bá-alẹ́”, ẹ ó mọ ẹgbẹ́ tí yóò lọ.

Àmọ́ o, ibi tí Fágúnwà dúró sí náà wà. Gbogbo àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ló ń sọ Yorùbá kan náà, Yorùbá Fágúnwà, ọlọ́rọ̀ gígùn tí òwe kún inú rẹ̀. Àgbákò àti Olóhùn-iyọ̀, tí o bá bo orúkọ wọn mọ́lẹ̀, o lè má mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Orúkọ ló fi yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í ṣe èdè. Ọ̀pọ̀ ìgbà, orúkọ nìkan tó. Tí a bá fẹ́ fi díẹ̀ kún un, a gbọ́dọ̀ wò ó ní ibòmíràn.

Ohun tí àwọn aládùúgbò ṣe

Ọdún kan ṣáájú Ògbójú Ọdẹ, ní 1937, Tolkien gbé ìtàn àwọn Họ́bíìtì jáde ní Ìlú Ọba. Olùkọ́ èdè àtijọ́ ni, ó sì ti ń dá èdè sílẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ sọ àwọn aràrá inú ìwé yẹn lórúkọ, kò dá orúkọ sílẹ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Inú ewì àtijọ́ kan ní èdè àwọn ará àríwá Yúróòpù ló ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú orúkọ wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló wá láti orísun kan, nítorí náà wọ́n dún bí ọmọ ìyá. Ọgbọ́n tirẹ̀ nìyẹn: orísun kan fún ẹgbẹ́ kan.

Ẹni tó sún mọ́ wa jù níbí ni Emilio Salgari. Verona ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1862, Torino ló kú sí lọ́dún 1911. Ẹ bi àgbàlagbà Ítálì èyíkéyìí nípa Sandokan, ojú rẹ̀ á tàn, pàápàá nítorí eré tẹlifíṣọ̀n ọdún 1976. Salgari ló dá Sandokan sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kan ní Verona lọ́dún 1883: ajàlólè orí òkun ní Malésíà, tó ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà. Salgari kò dé Éṣíà rí. Inú ìwé àti àwòrán ilẹ̀ ló ti ń kó orúkọ. Ní etíkun Borneo, ìlú kan ń jẹ́ Sandakan, ẹ wo bó ṣe jọ orúkọ akọni rẹ̀.

Ohun tó ṣe dáadáa ni pé ó ya àwọn ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ fún etí. Ará Íńdíà ni Tremal-Naik àti Kammamuri. Yanez jẹ́ ará Pọtogí. Ọmọdé Ítálì tí kò jáde nílé rí ń gbọ́ orúkọ kan, ó sì mọ ọkọ̀ ojú omi tí ẹni náà wọ̀. Ó tún ń fi ọ̀rọ̀ àwọn ará ibẹ̀ há àárín Ítálì, pàápàá orúkọ ọkọ̀ wọn àti ọ̀bẹ wọn. Kì í fi sí gbogbo gbólóhùn. Ohun èlò nìkan ló ń jẹ́ orúkọ àjèjì, ìyókù jẹ́ Ítálì gbọọrọ, ìtàn náà sì ń sáré.

Ṣùgbọ́n èèyàn gidi ni àwọn tó ni orúkọ wọ̀nyẹn, wọn kò sì sí níbẹ̀ nígbà tó ń kó o. Èyí kan àwa náà, nítorí pé èdè wa ni àwọn kan ń kó báyìí, ọmọ wa pàápàá sì wà lára wọn. Lọ́dún 2018, Tomi Adéyẹmí, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, gbé Children of Blood and Bone jáde. Yorùbá ni èdè tí àwọn onídán inú ìwé náà fi ń pe ọfọ̀. Inú ọ̀pọ̀ wa dùn sí i, tèmi náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ ilẹ̀ ibẹ̀: Orïsha. Àmì méjì wà lórí “i” yẹn. Kò sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nínú Yorùbá, kò sì sọ fún wa bóyá ohùn lọ sókè tàbí sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ni. Ó ń sọ fún òyìnbó pé “èyí jẹ́ àjèjì”, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó gbọ́ èdè náà. Àmì orí “gọ́” nínú Òmùgọ́diméjì ń ṣiṣẹ́. Ìyàtọ̀ tó yẹ ká máa wò nìyẹn: ṣé àmì yìí, ṣé lẹ́tà yìí, ń ṣiṣẹ́, àbí ó kàn jókòó?

Ohun tí ohùn Yorùbá lè fún wa

Tí a bá fẹ́ kí àwọn èèyàn inú ìtàn dún yàtọ̀, a ò ní láti kúrò nínú Yorùbá. Èdè náà ní àwọn òfin tí etí wa mọ̀ bí a ò tilẹ̀ lè dárúkọ wọn. Ní Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀ kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì. Kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀ léra, ìdí nìyẹn tí “bread” fi di búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “u”. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ wa sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì. Ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn kan dún bí àjèjì kàn ní láti tẹ ọ̀kan lára òfin wọ̀nyí lójú, ọ̀kan péré, kó sì máa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Tó bá tẹ mẹ́ta lójú lẹ́ẹ̀kan náà, ahọ́n òǹkàwé á kọ́lẹ̀, á sì máa fo orúkọ náà kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí. Mo ní ọ̀rọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “u” ní Yorùbá àjùmọ̀lò. Èkìtì ń pe ilé ní “ulé”. Bí o bá wá dá ìlú àwọn agọ̀ sílẹ̀, tí o sì ní gbogbo ọ̀rọ̀ wọn máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “u”, o rò pé o dá nǹkan tuntun ni. Ọmọ Èkìtì tó jókòó síwájú rẹ á gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́nu àwọn agọ̀. Àwọn ọmọ wa níbí sì mọ bó ṣe ń rí, nítorí pé wọ́n ti fi ohùn wọn ṣẹ̀fẹ̀ rí nílé ìwé. Kí a tó yan ohùn fún èèyàn burúkú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa pé ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí lóòótọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá wà, ẹ gbé ohùn náà fún àwọn ọlọ́gbọ́n inú ìtàn, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun mìíràn tí Yorùbá ní tí mi ò rí kí a máa lò tó ni ọ̀rọ̀ tó ń fi ìró ya àwòrán. Ohun tó tóbi tó sì wúwo máa ń gba ohùn ìsàlẹ̀, ohun kékeré máa ń gba ohùn òkè. Rògòdò tóbi ju rógódó lọ. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa, a kàn mọ̀ ni. Ìyẹn túmọ̀ sí pé o lè fi ohùn nìkan sọ bí èèyàn kan ṣe tóbi tó kí o tó ṣàpèjúwe ara rẹ̀.

Àwọn ará Ìrì àti àwọn ará Àpáta

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí mo ṣe hàn yín. Ìtàn kan ni mo ń kọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá pẹ̀lú wa ní Novara. Ibi tí a wà yìí, pápá ìrẹsì ló yí wa ká. Nígbà ìrúwé, wọ́n á tú omi sínú pápá títí gbogbo ilẹ̀ á fi dà bí dígí. Nígbà òtútù, ìkùukùu á bo gbogbo rẹ̀, o ò ní rí ọwọ́ ara rẹ. Tí ojú ọjọ́ bá wá mọ́, òkè Monte Rosa á yọ lókèèrè pẹ̀lú yìnyín lórí. Èèyàn méjì ni mo fẹ́ nínú ìtàn náà, àwọn tó ń gbé inú ìkùukùu nísàlẹ̀ àti àwọn tó ń gbé orí òkè.

Fún àwọn ti ìsàlẹ̀, mo bi ara mi ní ìbéèrè Fágúnwà: kí ni wọ́n gbé sípò Adé? Omi ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n Omi ti ní ilé. Àwọn ìdílé tó ń bọ òrìṣà omi ń sọ ọmọ wọn ní Omítóyìn. Orúkọ gidi ni, ìdílé gidi ló ni ín, mi ò sì ní gbé e fún ẹ̀dá inú ìkùukùu. Mo wá mú ìrì. Ìrì ń sẹ̀ láàárọ̀, ó mọ́, kò sí ìdílé tí mo mọ̀ tó fi ṣe iwájú orúkọ. Mo wá fi sí àyè Adé: Adéwọlé di Ìríwọlé, Adédàpọ̀ di Ìrídàpọ̀, Adékúnlé di Ìríkúnlé. Ẹ ṣàkíyèsí pé “ìrì” di “ìrí” nítorí pé òun ni olùwà, gẹ́gẹ́ bí Òmùgọ̀ àti Àyàn. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní Ìrìwọlé ti fọ́ gbólóhùn náà.

Fún àwọn ti orí òkè, mo fẹ́ ìrísí tó yàtọ̀ pátápátá, kì í ṣe iwájú mìíràn lásán. Tí mo bá sọ àwọn kan ní Ìrí-kan, tí mo sì sọ àwọn kejì ní Òkúta-kan, ilé méjì nínú ìlú kan ni wọn yóò jọ, wọn ò ní jọ ìlú méjì. Mo kọ́kọ́ ro orúkọ tó ń kọ̀, orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Kò”, nítorí pé àpáta kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, tó gbọ́ “Kò” níwájú orúkọ, Kòkúmọ́ àti Kòsọ́kọ́ ló máa wá sí i lọ́kàn. Àbíkú ni á máa retí. Ìbànújẹ́ á wọ ìtàn tí mi ò pè é sí.

Ìró ló wá yanjú rẹ̀. Orúkọ àwọn ará Àpáta kì í ṣe gbólóhùn rárá. Sílébù mẹ́ta ni, kọ́ńsónáǹtì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀: Rògìdì. Gbàràgà. Bùdùgbà. Dògòrò. Ìtumọ̀ kankan ò sí níbẹ̀ ju bí ó ṣe ń dún lọ, bí òkúta tó ń yí bọ̀ láti orí òkè. Ẹ pe Ìrídàpọ̀, kí ẹ pe Bùdùgbà tẹ̀ lé e. Ẹ ò nílò àwòrán mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àṣà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìkíni ni mo yàn, nítorí pé Yorùbá kì í wọlé kó má kí èèyàn, nítorí náà ìkíni á máa padà wá nínú ìtàn láìjẹ́ pé mo fipá mú un. Àwọn ará Ìrì, tí wọn kì í ríran jìnnà, máa ń bèèrè pé, “Ṣé ojú ríran?” Ìdáhùn wọn ni, “Ó rí ẹ.” Àwọn ará Àpáta máa ń bèèrè pé, “Ṣé ó dúró?” Ìdáhùn wọn ni, “Ó dúró.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ wọn, Yorùbá tiwa ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí ará Ìrì kan bá wá gun òkè dé, tó sì kí àgbà ibẹ̀ pé “Ṣé ó dúró?”, ọmọ tó ń gbọ́ ìtàn mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ló fi hàn. Àṣà kékeré náà ti ń ṣiṣẹ́ nínú ìtàn, kò jókòó lásán.

Bí a ṣe ń dán an wò

Ìdánwò rẹ̀ kò le. Mo kọ orúkọ mẹ́wàá sórí ìwé pélébé mẹ́wàá, márùn-ún láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo pò wọ́n pọ̀, mo kó wọn fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó gbọ́ ìtàn náà rárá, mo ní kí wọ́n pín in sí ìlú méjì. Mi ò sọ òfin kankan. Tí wọ́n bá pín in bó ṣe yẹ, òfin náà wà nínú orúkọ. Tí wọ́n bá ń wo ojú mi kí n tó sọ fún wọn, orí èmi nìkan ni òfin ọ̀hún wà. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní kí kálukú dá orúkọ kan kún ti ìlú kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan kọ “Gùdùgbù” fún Àpáta. Fún Ìrì, ó kọ “Ìrítọ́lá”, ó sì fi tirẹ̀ wé e nítorí pé Adétọ́lá lòun ń jẹ́. Òun ló wá bi mí pé, ṣé “Adé” tòun náà ń sọ ilé tí òun ti wá ni?

Ohun kan ṣì wà tí ẹni tó bá ń kọ̀wé níbí gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Àmì ohùn kì í pẹ́ dànù. Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ tó wà lọ́wọ́ aláìsàn kò ní àmì kankan lórí, lẹ́tà ńlá gbọọrọ ni. Àwọn ará Ítálì sì máa ń tẹ sílébù tó ṣáájú ti ìkẹyìn mọ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, nítorí náà àwọn ọmọ wa tó ń kàwé lédè Ítálì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí orúkọ Yorùbá tí kò bá ní àmì. Rògìdì di Rogídi, ìwúwo rẹ̀ fò lọ. Nítorí ìdí yìí, ẹ má ṣe gbé gbogbo ìyàtọ̀ ẹgbẹ́ méjì lé orí ohùn nìkan. Kí lẹ́tà náà gbé díẹ̀ lára ẹrù náà. Bí gbogbo àmì bá ṣubú kúrò lára àwọn orúkọ tèmi, ti Ìrì ṣì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú I, ti Àpáta ṣì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì tí sílébù wọn kò sì ju mẹ́ta lọ. Ọmọ á ṣì pín in. Òmùgọ́diméjì pàápàá, bí o bá kọ ọ́ láìsí àmì kankan, “dimeji” tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ṣì pe Adédiméjì wá sí etí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ má ṣe jẹ́ kí gbogbo akọni inú ìlú kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun kan náà bí wọ́n bá pọ̀ lójú ìwé kan. Ìríwọlé, Ìrídàpọ̀ àti Ìríkúnlé nínú yàrá kan náà, òǹkàwé á ṣìnà. Bí a ṣe ń ṣe nílé náà ni kí ẹ ṣe: ẹ gé e kúrú. Adédàpọ̀ ń jẹ́ Dàpọ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀, Adékúnlé ń jẹ́ Kúnlé. Odidi orúkọ jẹ́ ti àlejò àti ti ọjọ́ ńlá. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti inú ilé. Ẹ lè fi bí ẹnì kan ṣe ń pe ẹnì kejì sọ bí wọ́n ṣe sún mọ́ra tó. Ní ọjọ́ tí àgbà Àpáta bá kọ́kọ́ pe Ìrídàpọ̀ ní Dàpọ̀, kò sí ìdí láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́.